Òróró Ni Mo Ń Bá Wí, Òwú Ló Jẹ̀bi

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni èmi àti àbẹ́là kan fi ń bá ara wa ṣọ̀tá. Èmi ni mo ṣe é fúnra mi, pẹ̀lú ìda tí wọ́n fi òróró ẹ̀wà sóyà ṣe, nínú ìgò gíláàsì ẹlẹ́nu gbòòrò. Bí mo bá ṣí ìdérí rẹ̀ láìtàn án, òórùn rẹ̀ á kún imú mi. Àmọ́ bí mo bá ti ṣáná sí i, tí mo sì jókòó tì í, kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kọjá, òórùn náà á ti sá lọ. Àfi kí n gbé imú sún mọ́ ẹnu ìgò kí n tó gbọ́ nǹkan kan.

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé òróró lọ́fínńdà tí mo dà sínú ìda kò tó. Mo ṣe òmíràn, mo fi kún òróró. Kò tó síbẹ̀. Mo tún ṣe òmíràn, mo tún fi kún un. Ìwé àkọsílẹ̀ mi ti ìgbà náà wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí, àwọn iye inú rẹ̀ sì dà bí ẹni tó ń gun àkàbà: 6, 8, 10, 12. Iye gíráàmù òróró fún gíráàmù 100 ìda nìyẹn. Bí mo ṣe ń gùn ún sókè ni òórùn inú yàrá ń relẹ̀. Èyí gan-an ni kò jẹ́ kí n sinmi. Kí ni nǹkan náà tí a ń fi kún, tó sì ń dín kù?

## Àkàbà tí mo ń gùn

Kí n sọ bí mo ṣe ń ṣírò òróró ná, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ iná rárá. Orí òṣùwọ̀n ni a ti ń wọn òróró, ní gíráàmù. A kì í fi ìdérí tàbí ṣíbí wọ̀n ọ́n. Òróró kan máa ń wúwo ju èkejì lọ, nítorí náà ìdérí kan tó kún dẹ́nu lè jẹ́ gíráàmù 9 lónìí, kó sì di 11 lọ́la tí a bá pààrọ̀ òórùn. Ẹni tó ń fi ìdérí wọn òróró kò mọ ohun tó ṣe, kò sì ní lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Ìgò mi gba gíráàmù 180 lápapọ̀, ìda pẹ̀lú òróró. Bí mo bá wá ní ìdá 8 nínú 100 ni mo fẹ́, ìda nìkan la fi ń ṣe 100 yẹn. Gbogbo gíráàmù 100 ìda á gba òróró 8, àròpọ̀ wọn á sì jẹ́ 108. Mo fi 1.08 pín 180, mo rí nǹkan bí 167. Ìda gíráàmù 167, òróró gíráàmù 13, ìgò kún. Bó bá jẹ́ ìdá 12, ìda á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 161, òróró á jẹ́ 19. Bó bá jẹ́ ìdá 6, ìda 170, òróró 10. Ẹ wo bí ìyàtọ̀ náà ṣe kéré tó lójú: gíráàmù 9 péré ló wà láàárín ìsàlẹ̀ àkàbà mi àti òkè rẹ̀.

Ìwé tó bá ìda náà wá sọ pé kò gbọdọ̀ gba òróró ju ìdá 12 lọ. Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni pé ibi tó yẹ kí n dé ni wọ́n júwe fún mi, láìmọ̀ pé àjà ilé ni wọ́n ń fi hàn mí, ibi tí orí ẹni tó bá ń fò yóò ti kan igi. Ibi tí agbára ìda parí sí ni ìdá 12. Kò sọ pé ibẹ̀ ni àbẹ́là ti ń dára jù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo da àbẹ́là ìdá 12, mo rí i pé ojú rẹ̀ ń làágùn. Ìkán òróró kéékèèké tò sójú rẹ̀ rẹrẹ. Mo fi aṣọ nù wọ́n. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n tún ti yọ. Òróró tí ìda kò lè dì mọ́ra mọ́ ni, òróró tó bá sì dá dúró lójú àbẹ́là lè gbiná lójijì bí iná bá kàn án. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Mo mọ òwe náà, mo sì tún tan àbẹ́là náà.

## Alẹ́ tí àbúrò mi wọlé

Òwú tí wọ́n kọ CD 10 sára àpò rẹ̀ ni mò ń lò látìbẹ̀rẹ̀. Lójú mi nígbà náà, òwú kan ò yàtọ̀ sí òwú kan. Mo ti wá mọ̀ pé CD jẹ́ irú òwú pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi fọ́nrán ìwé hun mọ́ra, pé òǹkà tó tẹ̀lé e ń sọ bó ṣe tóbi sí. Mo sì ti mọ̀ pé 10 lára irú òwú yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ 10 lára irú mìíràn. Ẹbí òwú kọ̀ọ̀kan ló ní òǹkà tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, CD 10 tán lọ́wọ́ mi. Àpò kékeré kan tí CD 14 wà nínú rẹ̀ ló ṣẹ́kù. Ìda tó ní ìdá 6 òróró ṣì kù sínú ìkòkò mi, n kò sì fẹ́ dà á nù, ni mo bá fi CD 14 sí ìgò kan, mo da ìda náà lé e, mo gbé e sórí pẹpẹ. Mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní alẹ́ tí mò ń wí yìí, mo fẹ́ dán àbẹ́là ìdá 12 wò lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó pa iṣẹ́ náà tì. Mo tàn án nínú yàrá mi. Lẹ́yìn náà ni mo rántí èyí tó wà lórí pẹpẹ, mo gbé e lọ sí yàrá kejì tí òun àti tèmi tóbi bákan náà, mo tan òun náà, mo pa ilẹ̀kùn méjèèjì dé. Ó ti tó wákàtí méjì kí àbúrò mi obìnrin tó dé. Kò mọ nǹkan kan nípa àyẹ̀wò mi. Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá mi, ó kí mi, a sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn yàrá kejì ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fi sínú yàrá yìí tó ń ta sánsán báyìí?"

"Àbẹ́là ni. Èyí tó wà lọ́dọ̀ mi ńkọ́, òórùn rẹ̀ ò ta sí ọ nímú?"

"Lọ́dọ̀ yín? Mi ò gbọ́ òórùn kankan níbẹ̀ o. Ẹ tan nǹkan síbẹ̀ ni?"

Mo jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Èyí tó ń yìn, ìdajì òróró èyí tí kò mọ̀ pé mo tàn ló wà nínú rẹ̀. Mo rọra gbé àwọn méjèèjì wá sórí tábìlì kan, mo tẹjú mọ́ wọn bí ẹni tí kò rí iná rí.

Ọwọ́ iná àbẹ́là ìdá 12 kò ga ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ. Ó ń gbọ̀n bí ẹni tí èémí fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìda tó yọ́ yí i ká kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 3 àtààbọ̀ lọ. Kànga ni iná náà ń gbẹ́ sísàlẹ̀, ìda líle sì dúró yí kànga náà ká bí ògiri. Ìgò kejì yàtọ̀. Ọwọ́ iná rẹ̀ ga, ó le, gbogbo ojú ìda ti di adágún kan ṣoṣo láti etí gíláàsì dé etí gíláàsì, sẹ̀ǹtímítà 7. Lóòótọ́, èéfín dúdú ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà sí ẹnu ìgò náà, ìyẹn náà ò dáa, n ó padà sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òórùn ti yé mi. Láti oṣù kan ni mo ti fi ètè sílẹ̀, tí mò ń pa làpálàpá.

## Ibi tí òórùn ti ń jáde

Ọ̀pọ̀ wa rò pé òwú ló ń jó. Òwú náà ń jó díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni fífa ìda sókè. Ooru iná yọ́ ìda, ìda tó yọ́ gun inú fọ́nrán òwú bí omi ṣe ń gun etí aṣọ tí a rì bọ inú garawa, ó dé orí, ó di oru, oru náà ló ń jó tí a ń pè ní ọwọ́ iná. Òróró lọ́fínńdà tó bá bá ìda gun òwú dé orí, inú iná ni púpọ̀ nínú rẹ̀ parí sí. Kò dé imú ẹnikẹ́ni.

Èyí tó ń dé imú wa ń gbéra láti ojú adágún, níbi tí ìda ti yọ́ tó sì gbóná ṣùgbọ́n tí kò tíì dé inú iná. Bí adágún bá ṣe fẹ̀ tó, tó sì gbóná tó, ni òórùn yóò ṣe pọ̀ tó nínú yàrá. Ẹ jẹ́ ká fi èyí ṣe ìṣirò àwọn ìgò méjì tó wà lórí tábìlì mi. Adágún kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3 àtààbọ̀, èkejì fẹ̀ ní 7. Bí ẹ bá wo fífẹ̀ wọn nìkan, ẹ ó rò pé ìlọ́po méjì ni. Ṣùgbọ́n ojú wọn rí roboto, nítorí náà gbogbo ojú tí òórùn lè gbà jáde lára èkejì jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́. Mo sọ òróró di ìlọ́po méjì, mo sì fún un ní ìdá mẹ́rin ilẹ̀kùn tí yóò gbà jáde.

Ó ku ìdí tí fífi òróró kún un fi ń pa iná náà kú. Òróró lọ́fínńdà kì í ṣe ìda, kì í gun òwú bí ìda ṣe ń gùn ún. Àwọn ohun wúwo inú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ fọ́nrán, wọ́n ń dí ọ̀nà díẹ̀díẹ̀. Òwú tí ọ̀nà rẹ̀ dí kò ní fa ìda tó, iná rẹ̀ á kéré, iná tó kéré á yọ́ ìda díẹ̀, adágún á sún kì. Òróró tí mo fi kún un kí òórùn lè pọ̀ ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ òórùn náà. Gbogbo òróró kọ́ ló sì ń ṣe bákan náà o. Àwọn tó fúyẹ́, bí èyí tó ní òórùn èèpo ọsàn, máa ń gun òwú wẹ́rẹ́. Àwọn tó wúwo, bí òórùn fàǹílà àti ti igi olóòórùn, máa ń lọ́ra. Bí a bá tún wá da àwọ̀ sínú ìda, àwọ̀ náà lè dí òwú, ìdí nìyẹn tí n kì í fi fi àwọ̀ sí tèmi.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà mọ́ pé yíyan ìwọ̀n òróró àti yíyan òwú jẹ́ ìpinnu méjì. Ẹni tó bá yí ọ̀kan padà ti yí èkejì padà, bó mọ̀ bí kò mọ̀.

## Òwú mẹ́ta, òróró kan

Mo pinnu pé n kò ní fọwọ́ kan òróró mọ́. Ìdá 8 ni mo fi sí, èyí tó wà ní àárín àkàbà mi, mo sì jẹ́ kí òwú nìkan máa yí padà. Ìgò mẹ́ta tó bára wọn mu, CD 10, CD 12, CD 14.

Inú ìgò ni mo ti wọn fífẹ̀ rẹ̀, láti ògiri inú dé ògiri inú, nítorí gíláàsì tó nípọn lè tan ẹni tó bá wọn ìta jẹ. Sẹ̀ǹtímítà 7 ni. Bí ìgò ṣe ga tó kò ṣe pàtàkì nínú yíyan òwú; fífẹ̀ ni òwú ń bá jà. Ìgò tó fẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 10, òwú méjì ló máa ń fẹ́, torí òwú kan tó bá lágbára tó láti dé etí rẹ̀ yóò sábà máa jó kọjá ààlà ní àárín.

Mo gbé ìkòkò kékeré sínú ìkòkò olómi gbígbóná, mo yọ́ ìda inú rẹ̀ títí ó fi dé dígírì Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì 85 lórí tẹmómítà. Mo gbé e kúrò lórí iná, mo da òróró sí i, mo rò ó pọ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì gbáko. Ìṣẹ́jú méjì yẹn gùn ju bí ẹ ṣe rò lọ, ẹ wo aago. Bí òróró kò bá wọ inú ìda dáadáa, yóò ṣàn lọ sísàlẹ̀ ìgò, ìsàlẹ̀ ni ẹ ó sì ti bá a. Nígbà tó tutù dé nǹkan bí dígírì 57, mo dà á sínú àwọn ìgò tí mo ti lẹ òwú mọ́ àárín ìsàlẹ̀ wọn. Àwọn iye yìí bá ìda tèmi mu. Ìwé tó bá bá ìda yín wá ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀.

Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé bí ìda bá gbóná kọjá ìwọ̀n ooru tí wọ́n kọ sára ìgò òróró, òórùn náà á fò lọ. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn ni ìwọ̀n ooru tí oru òróró náà ti lè gbiná bí iná bá wà nítòsí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ààbò ni, kò sọ nǹkan kan nípa bí òórùn ṣe ń dúró tàbí bó ṣe ń sá.

Lẹ́yìn náà, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ 14. Mo gé òwú kọ̀ọ̀kan kó ku mìlímítà 6. Mo tan àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kan náà fún wákàtí mẹ́rin, mo pa wọ́n, mo jẹ́ kí wọ́n tutù pátápátá, mo tún gé òwú, mo tún tàn wọ́n lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ìda tó kù nínú wọn fi tó sẹ̀ǹtímítà kan. A kì í jó o kọjá ibẹ̀, nítorí ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í kan ìsàlẹ̀ gíláàsì ní tààrà.

## Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó fẹ́ tàn mí jẹ

Ní òpin wákàtí mẹ́rin àkọ́kọ́, adágún CD 10 fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5. Ti CD 12 fẹ̀ ní 6, ìda líle tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣì yí i ká bí etí adé. CD 14 ti dé etí gíláàsì látìgbà tí wákàtí kan àtààbọ̀ pé. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ yẹn ni mo dájọ́, CD 14 ni n bá mú, inú mi á sì dùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìtọ́ni ń sọ náà nìyẹn: kí adágún dé etí gíláàsì nígbà àkọ́kọ́ tí a bá tàn án. N kò fara mọ́ ọn.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nígbà tí àbẹ́là bá ṣì kún, ẹnu ìgò ni iná wà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, ooru rẹ̀ ń sá lọ. Bí ìda ṣe ń relẹ̀ ni iná ń wọ inú ìgò lọ, ògiri gíláàsì á yí i ká, wọn á máa dá ooru padà sí i. Òwú kan náà, tí kò yí padà, á máa jó gbóná ju bó ṣe jó lókè lọ. Òwú tó bá ti ṣe tán ní wákàtí kan àtààbọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ni yóò fi agbára tó ṣẹ́kù ṣe nísàlẹ̀?

Mo rí i lọ́jọ́ kẹta. Orí òwú CD 14 ti hu olú, kókó dúdú roboto kan tó jókòó sórí rẹ̀. Ìda tí òwú ń fà sókè ti pọ̀ ju èyí tí iná lè jó tán, ohun tí kò jó tán ló ń kó jọ síbẹ̀. (Nígbà kan rí, òwú lílọ́ lásán ni wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là, ẹni tó tàn án ní láti máa fi àlùmọ́gàjí gé orí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ní nǹkan bí ọdún 1825, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Cambacérès mú òwú híhun wọlé, èyí tó máa ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe ń jó, kí orí rẹ̀ lè bọ́ sí etí iná, kó sì jó ara rẹ̀ dànù. Ìyẹn ló jẹ́ kí a lè jókòó jẹ́ẹ́ ti àbẹ́là lónìí. Ṣùgbọ́n bí òwú bá tóbi jù, títẹ̀ yẹn kò ní gbà á.) Ọwọ́ iná rẹ̀ ń fò, èéfín dúdú ń lọ sókè, adágún rẹ̀ ti jìn ju sẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀ lọ. Mo fọwọ́ kan gíláàsì náà, kíá ni mo yọwọ́. Mo pa á, n kò tún tàn án mọ́. Ìgò tó gbóná débi tí ọwọ́ kò fi lè gbà á lè sán.

CD 10 náà kò jẹ́ ohun tí a ń wá. Bó ṣe ń relẹ̀, adágún rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìda tó fi sílẹ̀ sára ògiri lókè kò yọ́ mọ́. Nígbà tó fi máa dé ìsàlẹ̀, ìda àti òróró tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì láìjó tó láti fi ṣe àbẹ́là kékeré mìíràn.

CD 12 tó dà bí ọ̀lẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló parí iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, etí adé yẹn ti tẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Lọ́jọ́ kẹta, adágún dé etí gíláàsì ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, jíjìn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan, ògiri gíláàsì sì mọ́ tónítóní. Títí dé ìsàlẹ̀, mo lè fọwọ́ mú ìgò náà láìsí wàhálà. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí i tí ìda díẹ̀ kù létí ìgò nígbà àkọ́kọ́ tí mo tan àbẹ́là sóyà, n kì í bẹ̀rù.

## Imú tí kì í ṣe ẹlẹ́rìí tòótọ́

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ nǹkan kan nípa alẹ́ tí àbúrò mi wọlé. Àyẹ̀wò yẹn kò mọ́. Ìgò tó yìn ti wà lórí pẹpẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tí ìgò ìdá 12 kò tíì pé ọjọ́ mẹ́fà tí mo dà á. Ìda sóyà máa ń pẹ́ kó tó gbó. Bó tilẹ̀ ti le lójú, inú rẹ̀ ṣì ń yí padà, bó sì ṣe ń gbó ni òórùn rẹ̀ máa ń jáde dáadáa sí i nígbà tí a bá tàn án. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni àwọn tó ń ṣe é máa ń dúró. Fún odindi oṣù yẹn, mò ń dá ẹjọ́ àbẹ́là ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta, mo sì ń fi òróró kún un nítorí ohun tí ọjọ́ díẹ̀ sí i ì bá tún ṣe.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí CD 12, mo tún ṣe ìgò méjì, ìdá 8 àti ìdá 10, òwú kan náà, mo dúró fún ọjọ́ 14. Mo tún ti kọ́gbọ́n lórí ọ̀rọ̀ imú. Ẹni tó jókòó ti òórùn kan, imú rẹ̀ á mọ̀ ọ́n lára láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sì ní gbọ́ ọ mọ́. Ìgbà mélòó ni mo ti jókòó tí mo ń sọ pé àbẹ́là ti dákẹ́, tó jẹ́ pé imú mi ló dákẹ́? Mo wá ń tan àbẹ́là, mo ń jáde síta fún ìṣẹ́jú 15, kí n tó padà wọlé. Èyí tó tún dára ju ìyẹn lọ ni kí n pe ẹni tí kò sí nínú ilé látàárọ̀.

Mo pe àbúrò mi. Ó wọ yàrá kan, ó wọ èkejì, ó padà sí ti àkọ́kọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n yàtọ̀ ni?"

Mo sọ fún un pé òróró ọ̀kan fi gíráàmù 3 ju ti èkejì lọ. Ó ní kí n máa tọ́jú gíráàmù 3 mi. Ìdá 8 ni mo wà láti ìgbà yẹn.

## Òróró tuntun

Mo rò pé ó tán. Mo kọ ọ́ sára páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: ìgò sẹ̀ǹtímítà 7, ìdá 8, CD 12. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣí ìgò òróró mìíràn, èyí tó ní òórùn fàǹílà, tó ki, tó sì pọ́n díẹ̀. N kò yí nǹkan kan padà. Mo dà á, mo fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méje péré torí pé n kò ní sùúrù, mo tàn án.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, adágún rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 àtààbọ̀. Mo ní kò burú, yóò bá a nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, 5 àtààbọ̀ náà ni. Lọ́jọ́ kẹta, ọwọ́ iná rẹ̀ ti kéré ju ti ọjọ́ kìíní lọ, ìgbọ̀n tí mo mọ̀ yẹn sì ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ mi ti ń lọ síbi ìgò òróró kí n tó rántí.

Mo yọ páálí ara ògiri, mo fi bírò kọ orúkọ òróró àkọ́kọ́ sókè rẹ̀, kó lè yé mi pé ti òróró yẹn nìkan ni. Ìgò mẹ́ta ti wà lórí pẹpẹ báyìí, gbogbo wọn jẹ́ fàǹílà, gbogbo wọn jẹ́ ìdá 8: CD 12 kan, CD 14 kan, CD 16 kan. Mo kọ ọjọ́ sí abẹ́ ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá.